Kí Àwọn Àgbà Wa L'ókè Òkun Tó Fi Fídíò Pe Ilé: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Lórí Ìwé Ìléwọ́ Tuntun



Iṣẹ́ tí Ẹgbẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé kí a ṣàlàyé ìwé ìléwọ́ tuntun tí ẹ bá lórí àga yín ní òwúrọ̀ yìí. A tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńláńlá fún àwọn àgbà wa tí ń gbé òkè òkun, kí wọn lè máa yẹ ọ̀nà wò kí wọn tó fi fídíò pe ilé. Ẹ ó ti rí i pé ó yàtọ̀ sí ti èṣí. Ti èṣí ṣì àwọn ènìyàn lọ́nà, àwa tí a kọ ọ́ ni a sì jẹ̀bi. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún yín, nítorí ibi tí àṣìṣe wa wà gan-an ni ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí wà.

Àwọn tí wọ́n dàgbà tó láàrin wa rántí bí nǹkan ti rí kí fóònù alágbèéká GSM tó dé Èkó ní ọdún 2001. Owó tí a fi ń bá ará Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ nígbà náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fi máa ń ti ilé ro ohun tí yóò sọ lọ. Bí ọ̀nà bá burú, etí a máa sọ fún wa, nítorí pé ariwo a máa hó bí òjò lórí páànù, oníkálukú a sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì bá burú, kì í hó. Ṣe ni ó máa ń gé ọ̀rọ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tí ó bá sì ṣẹ́kù a máa mọ́ gaara létí, tí ẹni tí ń gbọ́ yóò fi rò pé òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìwé ti èṣí kò ronú kan èyí rárá. Ohun tí ó sọ ni pé kí àgbà ṣí ojú ìwé fast.com lórí fóònù rẹ̀, kí ó dúró títí nọ́ńbà ńlá yóò fi jókòó, àti pé bí nọ́ńbà náà bá ti ju 5 Mbps lọ, kí ó pe ilé, ọ̀nà dára. Àwọn àgbà wa fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, ó sì tóbi lójú wọn.

Ìyá kan nínú wa wà ní Pẹ́kàmù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó kù sí ilé bàbá wọn níhìn-ín ní Sangisa. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá náà ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé wa ti wí. Nọ́ńbà tí ó rí jẹ́ 38, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó pe ilé lórí WhatsApp, ọmọ àbúrò rẹ̀ ni ó gbé e. Àwòrán náà dúró gbọin lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọ́n kí ara wọn dáadáa. Ó béèrè pé, "Bàbá yín ńkọ́?" Ọmọ náà dá a lóhùn pé, "Ìyá Àgbà, ara Bàbá ò yá láti àná." Ohun tí ìyá gbọ́ ni, "Ara Bàbá yá láti àná." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kí wọ́n bá òun kí i, ó sì pa fóònù.

Ẹnu ya ọmọ náà. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ti gbọ́, kò sì fẹ́ dá sí i. Ọjọ́ kẹta ni ìyá tó gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn pé àbúrò òun ti wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, àti pé owó oògùn ni wọ́n ti ń wá kiri láti ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín balẹ̀: bàbá náà yè, ó sì jókòó láàrin wa lónìí. Ṣùgbọ́n ìyá náà kọ̀wé sí Ẹgbẹ́, ó ní, "Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe." Òótọ́ ni ó sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí "ò" kékeré yẹn. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fóònù kì í fi ohùn ránṣẹ́ ní odidi. Á gé e sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì lè má ju ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan a dá lọ lójú ọ̀nà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Èyí tí ó bá sọnù, a kì í dúró dè é, nítorí pé bí a bá ń dúró, ọ̀rọ̀ yóò pẹ́ jù kí ó tó dé etí. Fóònù tí ń gbọ́ tilẹ̀ máa ń fi ohùn tí ó jọ ti ìṣáájú rẹ̀ dí ihò náà, kí etí má baà fura. Nínú èdè wa, "ò" tí ó ya àìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára àlàáfíà kò ju fáwẹ̀lì kan lọ. Bí ẹyọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá bá sọnù tẹ̀ léra wọn, ó ti lọ nìyẹn, "Bàbá" tí ó ṣáájú rẹ̀ a sì fa gùn díẹ̀ láti bò ó mọ́lẹ̀. Òyìnbó tí ó bá pàdánù ohùn bẹ́ẹ̀ lè fi ìyókù gbólóhùn rẹ̀ mọ ohun tí a wí. Ní tiwa, gbólóhùn tí ó ṣẹ́kù pé pérépéré, irọ́ ni ó kàn ń pa.

Èwo wá ni ti 38 tí ìyá rí? Nọ́ńbà náà kò parọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà Sangisa ni ó wọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Netflix ni ó ni fast.com, ẹ̀rọ wọn tí ó bá sún mọ́ ilé ẹni ni ó sì máa ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn ìyá dé ìkóríta àdúgbò rẹ̀ ni ó yẹ̀ wò, ibẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ihò ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ní yàrá inú lọ́hùn-ún ni òun wà, láàrin ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni ó sì wà lójú fóònù òun. Alẹ́ sì ni, nígbà tí gbogbo Kétu àti Máìlì 12 ti darí dé láti ọjà, tí oníkálukú ti mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́.

Níhìn-ín ni a ti rí òfin tí ìwé tuntun dúró lé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi í sọ́kàn. Bí ẹ̀yin kò bá gbọ́ ará ilé dáadáa, ẹ kọ́kọ́ fura sí ohun tí ará ilé fi ń ránṣẹ́. Bí ará ilé kò bá gbọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ fura sí ohun tí ẹ̀yin fi ń ránṣẹ́. Ìwé ti èṣí yẹ ìdá kan ṣoṣo wò nínú ìdá mẹ́rin: ohun tí ń wọlé sọ́dọ̀ àgbà. Kò wo ohun tí ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì wo ohunkóhun lọ́dọ̀ wa.

Ohun mẹ́ta ni ìwé tuntun ní kí àgbà ṣe. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti inú ilé tirẹ̀. A kò mú fast.com kúrò, ṣùgbọ́n a ní kí ó tẹ ibi tí a kọ "Show more info" sí lábẹ́ nọ́ńbà ńlá. Níbẹ̀ ni yóò ti rí "Upload", èyí tí í ṣe ìyára ohun tí ń jáde. Ilé-iṣẹ́ Zoom kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpè fídíò tí ó dára láàrin ẹni méjì ń fẹ́ 600 kbps ní lílọ àti 600 kbps ní bíbọ̀, èyí ni 0.6 Mbps. Nítorí náà a kọ ọ́ pé bí "Upload" bá tó 2, ó tó, àjẹṣẹ́kù sì wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà méjì wà lábẹ́ "Latency": "Unloaded" ni bí ìdáhùn ti ń pẹ́ tó nígbà tí ọ̀nà ṣófo, "Loaded" sì ni bí ó ti ń pẹ́ tó nígbà tí ọ̀nà kún. Bí èkínní bá jẹ́ 15 tí èkejì sì fò lọ sí 500, a jẹ́ pé ọ̀nà ilé náà dára ní ìwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Kí àgbà wá sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó dá sinimá àti fọ́tò tí ó ń kó jáde dúró fún ìdajì wákàtí. A mọ̀ pé èyí lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé mìíràn. Kí ó sì jókòó sí yàrá tí àpótí Wáì-fáì wà, nítorí pé ọ̀pá Wáì-fáì tí ó kún lójú fóònù kò sọ ju pé fóònù ń rí àpótí náà lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà tí ó ti inú àpótí jáde síta.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe fi dátà tí ẹ rà ṣe ìdánwò yìí o. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ń sáré ní 20 Mbps, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ti jẹ 25 MB, a kò sì tíì kí ara wa.

Èkejì ni pé kí àgbà fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbólóhùn kan péré: "Mo fẹ́ pè yín, ẹ bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀." Bí àmì máàkì kan ṣoṣo bá dúró lábẹ́ rẹ̀, fóònù ilé kò tíì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó má ṣe pè. Bí ó bá di méjì, ó ti dé inú fóònù wọn. Kí ó dúró kí wọ́n fi ohùn tiwọn náà dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé ohùn tí a fi ránṣẹ́ báyìí yàtọ̀ sí ìpè. Bí ẹyọ kan bá sọnù nínú rẹ̀, fóònù a tún un rán títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé. Nítorí náà yóò mọ́ gaara bí ọ̀nà tilẹ̀ burú. Ohun tí ó jẹ́rìí sí ni pé ará ilé wà níbẹ̀, pé wọ́n ti jáde kúrò ní yàrá inú, àti pé wọ́n ti múra sílẹ̀. Kò jẹ́rìí sí ìpè.

Ẹ̀kẹta ni ó jẹ́rìí sí ìpè, òun ni a sì fẹ́ràn jù. Kí àgbà kọ́kọ́ fi ohùn nìkan pè, láìsí àwòrán. Ohùn nìkan kò fẹ́ ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí àwòrán ń fẹ́ lọ, bí kò bá sì gba ohùn, kò lè gba àwòrán. Lẹ́yìn ìkíni, kí ó má ṣe béèrè pé "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?", nítorí pé gbogbo ènìyàn ni yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó ní kí ará ilé ka ení dé ẹ̀wá fún òun, ní ìwọ̀n bí a ti ń kà á fún ọmọdé. Àgbà mọ ohun tí ó yẹ kí òun gbọ́, nítorí náà kò sí ihò tí fóònù lè fi pamọ́ fún un. Bí ẹ̀fà bá fò, tàbí tí èje àti ẹ̀jọ wọ ara wọn, ó ti mọ̀. Lẹ́yìn náà kí òun náà kà á fún wọn, kí wọ́n sọ èyí tí ó fò. Báyìí ni a ti yẹ ìhà méjèèjì wò, láti Pẹ́kàmù títí dé Sangisa, láìlo ẹ̀rọ kankan.

Kí wọ́n wá jọ kà á ní mímúra-ẹni: àgbà ní ení, ilé ní èjì, àgbà ní ẹ̀ta. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹni tí ó jókòó tì yín dán an wò kí ẹ lè mọ bí ó ti ń yá tó ní ojúkojú. Bí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bá ń pẹ́ lórí fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàrin rẹ̀, ẹ óò máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín. Àjọ ITU tí ń gbé ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ayé sọ nínú ìwé wọn G.114 pé kí ọ̀rọ̀ má ṣe pẹ́ ju 400 ms lọ láti ẹnu dé etí, èyí tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Àtẹ́wọ́ kan kúkú tó wọ̀n ọ́n fún wa.

Bí kíkà bá pé, kí wọ́n tẹ àwòrán, kí wọ́n rí ara wọn, inú wọn yóò sì dùn. Bí kò bá pé, kí ará ilé lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tàbí bákónì, kí wọ́n tún kà. Bí kò bá tún pé, kí àwòrán dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọjà tó pe. Aago Èkó kì í yí padà, ti Lọ́ńdọ̀nù ni í yí: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn aago wa dọ́gba, ní ìgbà òtútù wọn àwa fi wákàtí kan ṣáájú. Húsítìn fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn wa.

Ọ̀rọ̀ owó dátà tún kù. Ìpè fídíò tí ó ń lo 0.6 Mbps ní lílọ àti ní bíbọ̀ yóò jẹ MB mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìdajì wákàtí sì jẹ́ 270 MB. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Wáì-fáì ilé ni ó ń san án, kò sì hàn sí àgbà. Níhìn-ín, láti inú dátà tí ọmọ fi owó ara rẹ̀ rà ni, ìgbà mìíràn sì wà tí ìpè já kì í ṣe nítorí ọ̀nà ṣùgbọ́n nítorí pé dátà tán, ojú sì ti ọmọ láti sọ. Kí ará ilé wọ inú Settings lórí WhatsApp, sí "Storage and data", kí wọ́n tan "Use less data for calls". Àwòrán kò ní mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n dátà yóò pẹ́ lọ́wọ́.

Kò sí ìdánwò tí ó lè rí ohun gbogbo. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí Àbíjáàn, íńtánẹ́ẹ̀tì sì di ìnira ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó ṣí fast.com ní Pẹ́kàmù ní ọjọ́ náà yóò rí nọ́ńbà dáradára. Ọ̀nà sì lè dára nígbà tí ẹ ń ka ení dé ẹ̀wá, kí ó bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kẹwàá.

Nítorí èyí ni a ṣe kọ nǹkan sí ẹ̀yìn ìwé náà fún ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe gbé e ka orí "ò" tàbí "kò". Ẹ má wí pé "ara rẹ̀ ò yá", ẹ wí pé "àìsàn ń ṣe é, ó dùbúlẹ̀". Ẹ má wí pé "wọn ò tíì gba owó náà", ẹ wí pé "owó náà ṣì wà lọ́wọ́ mi". Bí ihò bá bọ́ sí inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò di ohun tí kò ní ìtumọ̀, àgbà yóò sì béèrè. Kò ní di òdì-kejì. Iye owó, ẹ fi nọ́ńbà kọ ọ́ ránṣẹ́, nítorí pé ọgọ́ta àti ọgọ́rin jọ ara wọn jù lórí ọ̀nà tí kò dára. Bí ọ̀nà bá sì kọ̀ pátápátá, ẹ fi ohùn sọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí pé gẹ́gẹ́ bí a ti wí, ohùn tí a fi ránṣẹ́ kì í jìn sí ihò.

Ìyá wa ti Pẹ́kàmù ni a kọ́kọ́ fi ìwé tuntun yìí hàn kí a tó tẹ̀ ẹ́. Òun ni ó ní kí a yọ àmì Ẹgbẹ́ kúrò lórí rẹ̀ kí lẹ́tà lè tóbi sí i, a sì yọ ọ́, bí ó tilẹ̀ dun Akọ̀wé. Ní oṣù tí ó kọjá ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní kí ó kà. Bàbá kà á, àrún fò. Ìyá ní, "Àbúrò mi, dìde níbẹ̀, o tún wà ní yàrá inú." A gbọ́ bí bàbá ti ń rẹ́rìn-ín lọ sí bákónì, tí ó ń mú un láti ení padà.